Ó Kà Á, Kò Dáhùn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ṣómólú ni mò ń gbé, ìwé owó ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Mo rí ìkéde iṣẹ́ akáǹtáǹtì kan ní Màrínà, mo sì rí obìnrin tó ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ lórí LinkedIn. Ó gbà kí a jọ so pọ̀. Mo bá da lẹ́tà tí mo fi ń wáṣẹ́ nínú íméèlì kọ ránṣẹ́ sí i. Ó kà á, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi ní kí n má kọ ọ́ gùn, kí n kàn kí i bí a ṣe ń kíra lórí WhatsApp. Mo kọ 'Ẹ káàárọ̀ mà'. Ó tún kà á, kò dáhùn. Èwo ni kí n ṣe gan-an, kí n kọ ọ́ bí íméèlì ni, àbí bí WhatsApp? Mo so lẹ́tà náà àti ìkéde iṣẹ́ ọ̀hún mọ́ ọn kí ẹ lè wò ó."

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ṣeé ṣe kí obìnrin yẹn wà nígbà tó ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe rikúrútà, ìyẹn iṣẹ́ bíbá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, ọ́fíìsì wa kò sì jìnnà sí Màrínà tí ò ń wí yìí. Gbàgádà ni mò ń gbé nígbà náà. Láàárọ̀, tí ọkọ̀ bá ti dì pa lórí afárá Tọ́ọ̀dù Méńlándì, láti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí títí dé ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé, fóònù ni mo máa ń yọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ LinkedIn ni mo máa ń kà nígbà yẹn. Àtàǹpàkò kan ni mo fi ń yí i lọ sókè, báàgì wà lórí itan mi, kọ̀ńdọ́ ń bèèrè owó. Mi ò kì í ka íméèlì níbẹ̀. Íméèlì di ìgbà tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo ti mu tíì, tí mo sì ti tẹ́ ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n sùúrù tó ní lórí afárá kọ́ ló ní nídìí tábìlì.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò. Àtẹ̀jíṣẹ́ LinkedIn kì í dá rìn. Orúkọ rẹ, fọ́tò rẹ àti ìlà tí o kọ sábẹ́ orúkọ rẹ ló ń bá a wọlé. Bí mo bá fọwọ́ tẹ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti rí ibi tí o ti ṣiṣẹ́, iye ọdún tí o lò níbẹ̀, ilé ìwé tí o lọ, àti àwọn tí èmi àti ìwọ jọ mọ̀. Nítorí náà, tí o bá tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "orúkọ mi ni báyìí, ilé ìwé báyìí ni mo ti jáde", ohun tí mo ti ń fojú rí lo tún ń kà sí mi létí. Ti íméèlì yàtọ̀. Òun nìkan ló ń dá wọlé, kò ní fọ́tò, kò ní ìtàn kankan lẹ́yìn. Bí mo bá sì fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná ni mo máa darí rẹ̀ sí, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ rí, òun náà sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà gbé e lọ sí ìpàdé. Nígbà tó bá débẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un. Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí o jẹ́, iṣẹ́ tí ò ń wá, ohun tí o ti ṣe, àti bí wọ́n ṣe lè rí ọ. Ibi tí gígùn íméèlì ti wá nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, pàápàá ẹni tí o kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó máa kà á.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Tí a bá mú un gẹ́gẹ́ bí íméèlì, kò burú rárá. Mo ṣírò lẹ́tà àti àlàfo inú rẹ̀, ó jẹ́ 1,640. LinkedIn gbà kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ tó tó 8,000 lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n jọ so pọ̀, àyè yẹn ló tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lójú fóònù, 1,640 yẹn máa kún ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì dáadáa, odindi ògiri ọ̀rọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ sọ pé "Sí Ọ̀gá Ìgbanisíṣẹ́, mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà." Orúkọ obìnrin yẹn wà gàdàgbà lórí ojú ibi tí o ti ń kọ ọ́, o wá pè é ní Ọ̀gá Ìgbanisíṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló mọ̀ pé o ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn rí. Àdúrà náà sì gbà ọ́ láyè ọ̀wọ́n. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá yọ sójú fóònù tí a kò tíì ṣí, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ṣíwájú nìkan ló ń hàn. Ohun tó hàn nínú tìrẹ ni àlàáfíà. Iṣẹ́ tí ò ń wá di ìpínrọ̀ kẹta kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ni àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù. Mo wá ìbéèrè nínú lẹ́tà náà, mi ò rí ẹyọ kan. O parí rẹ̀ pẹ̀lú "mo ń retí èsì rere láti ọ̀dọ̀ yín." Kí ló fẹ́ kọ padà? Kó tó lè fún ọ ní èsì rere tàbí búburú, àfi kó ṣí ìwé rẹ, kó fi wé ìkéde, kó wò ó bóyá àyè náà ṣì ṣí sílẹ̀, bóyá kó tún béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná. Iṣẹ́ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo gbé lé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó máa ní òun máa padà sí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, tàwọn ẹlòmíràn ti bò ó mọ́lẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ kékeré tí o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ, tó mú kí o mọ̀ pé ó kà á, ohun tó ń sọ kò ju pé ó ṣí i lọ. Kò sọ pé ó rò ó, kò sì sọ pé ó kọ̀ ọ́.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn yẹn ti wá, nítorí ilé kan náà ló tọ́ gbogbo wa. Ẹni tó bá wọlé, tó kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ará ilé, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. A óò kí, a óò dúró kí wọ́n dá wa lóhùn, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, kí a tó wá fẹnu ba ohun tí a bá wá. Ó dára bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Lójú fóònù, ìkíni tó dá dúró dà bí ẹni tó kanlẹ̀kùn, tí onílé dìde wá ṣí i, tí àlejò wá dúró láìsọ̀rọ̀. Mo máa ń rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lọ́sẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà", "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà", ó tán. Bí mo bá dáhùn, mo mọ̀ pé ohun kan tí mi ò tíì mọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí mi ò lè ṣe. Nítorí náà, mi ò kì í dáhùn. Kì í ṣe ìwà tí mo ń yangàn sí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣe é. Má yọ ìkíni kúrò o. Kí i, kí ohun tí o bá wá sì tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ohun kékeré kan tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò dáhùn, kí íméèlì sì ru ẹrù tó kù. Wàá wá ohun kékeré yẹn nínú ìkéde fúnra rẹ̀. Mo wo èyí tí o so mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ Sage lò, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìwé owó. Nínú lẹ́tà rẹ, QuickBooks, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, nìkan lo dárúkọ. Ìbéèrè rẹ nìyẹn, ojúlówó ni, òun nìkan ló sì lè dáhùn rẹ̀ láìṣí ìwé kankan. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa tò ó rèé:

"Ẹ káàárọ̀ mà, Arábìnrin Lágbájá. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè fún iṣẹ́ akáǹtáǹtì tí ẹ kéde. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe ìwé owó ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oúnjẹ n'Íkẹjà, èmi ni mo ń pa ìwé dé ní ìparí oṣù. Ìkéde yín béèrè Sage, QuickBooks ni èmi ń lò. Ṣé ìyẹn yọ mí kúrò?"

Bí o bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ju 300 lẹ́tà lọ. Ó kí i, ó dárúkọ rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ náà sì tètè jáde. Ìlà kan péré ló sọ nípa ara rẹ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tí pírófáìlì rẹ kò sọ. Mo wò ó, "òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó" ni o kọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa tibẹ̀ mọ̀ pé ìwọ lò ń pa ìwé oṣù dé. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lè parí. Àwọn kan á ní kí o má ṣe tọ́ka sí àbùkù ara rẹ. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa yẹ ìwé rẹ wò máa rí i pé Sage kò sí níbẹ̀ bó ti wù kó rí, ìbéèrè yẹn sì fi hàn pé o ka ìkéde náà délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe.

Fún ẹlòmíràn tí ẹni náà kò tíì gbà kí wọ́n jọ so pọ̀, àyè tún kéré sí i. Àkọsílẹ̀ tó ń bá ìbéèrè ìsopọ̀ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní "Add a note", kò gbà ju 200 lẹ́tà lọ fún ẹni tí kò sanwó, iye tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ lóṣù sì kéré. Níbẹ̀, yọ ìlà tí o fi sọ nípa ara rẹ kúrò, kí orúkọ iṣẹ́ náà àti ìbéèrè rẹ kù.

Ní ti ohùn, mo mọ̀ pé "mà" àti "sà" ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ rikúrútà kan kì í fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ń sọ àwọn di àgbà. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà sì ń bínú bí ọmọdé bá pe orúkọ wọn gbẹrẹfu. Èrò tèmi ni pé l'Ékòó yìí, "mà" kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń bani nínú jẹ́ ni "mà" ní ìparí gbogbo gbólóhùn, pẹ̀lú "mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ̀wé", "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́". Nínú àyè kékeré yẹn, ẹ̀bẹ̀ á bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀, á sì dà bíi pé owó ọkọ̀ lò ń tọrọ. Má sì gba ìdàkejì rẹ̀, kí o máa gé ọ̀rọ̀ kúrú bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí kí o máa fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Tí òun bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rín sí tirẹ̀, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ìparí, kò sí ìdí láti kọ "èmi ni tiyín nítòótọ́", àdírẹ́sì àti orúkọ ní kíkún. Orúkọ rẹ ti wà lókè.

Má gé e sí wẹ́wẹ́ bíi ti WhatsApp, kí ìkíni dá lọ, kí orúkọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí ìbéèrè wá lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fóònù rẹ̀ máa dún. Kọ ọ́ síbòmíràn ná, kí o tó dà á síbẹ̀, nítorí lórí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe to tìrẹ lè jẹ́ pé bí o bá tẹ Enter láti bọ́ sí ìlà tuntun, ó ti lọ nìyẹn. O lè tún un ṣe láàárín 60 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n èyí tó yọ sójú fóònù rẹ̀ kò ṣeé fà padà. Má sì so sífíì mọ́ àkọ́kọ́. Fáìlì tí èèyàn kò béèrè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀, ọ̀pọ̀ kì í ṣí i.

Ká ní ó wá dáhùn pé, "Sage kì í ṣe dandan, fi sífíì rẹ ránṣẹ́ sí íméèlì mi." Ibí yìí gan-an ni mo ti rí tí àwọn tó mọ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ dáadáa ti ń ṣubú, nítorí wọ́n gbé ohùn ibẹ̀ wọnú íméèlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí LinkedIn nígbà kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé, mo ní kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó dé ni íméèlì tí kò ní àkọlé, tó sọ pé "Bí a ṣe sọ ọ́, òun nìyí", pẹ̀lú fáìlì tó pè ní sífíì tuntun kejì. Mo wà ní ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó dúró fún mi darí rẹ̀ sí ọ̀gá ẹ̀ka tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ọ̀gá náà sì fèsì pé, "Ta nìyí?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Kí n tó padà dé, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Èmi náà ní ẹ̀bi níbẹ̀, ó yẹ kí n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó lọ. Ṣùgbọ́n ká ní íméèlì náà lè dá sọ̀rọ̀ ni, ì bá dé ibi tó ń lọ láìsí mi.

Nítorí náà, nínú íméèlì, padà sí lẹ́tà. Kí àkọlé rẹ̀ ní orúkọ iṣẹ́ náà, nọ́ńbà ìkéde bó bá ní, àti orúkọ rẹ ní kíkún. Kí i pẹ̀lú orúkọ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, sọ iṣẹ́ tí ò ń wá, sì sọ pé òun ló ní kí o fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀ lórí LinkedIn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Ìlà yẹn ni ọ̀gá ìṣúná máa rí tí kò fi ní béèrè ta nìyí. Ìpínrọ̀ kejì ni kí o lò fún ohun méjì tí o ti ṣe, kì í ṣe méje. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé kí o tó débẹ̀, ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ń pa ìwé oṣù dé, o sì sọ ọ́ di 6. Ìsàlẹ̀ pátápátá lo fi sí. Gbé e sókè, kí o sì sọ bí o ṣe ṣe é ní gbólóhùn kan. Ìpínrọ̀ kẹta, Sage àti QuickBooks, àti iye ọ̀sẹ̀ tí o gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ n'Íkẹjà létí kí o tó lè kúrò. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ó parí. Bí ó bá wà láàárín 150 sí 200 ọ̀rọ̀, ó tó. Kí fáìlì jẹ́ PDF, kí orúkọ rẹ wà lára orúkọ fáìlì náà. Lẹ́yìn náà, padà sí LinkedIn, kí o kọ ìlà kan pé o ti fi í ránṣẹ́, àti àkọlé tó jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, o kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí agbára èyí mọ nìyí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àfi orí ìkànnì ayélujára tiwọn nìkan ni wọ́n ti ń gba orúkọ. Rikúrútà ibẹ̀ kò lè gbé ọ fo odi, bó ti wù kí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ tó. Bí ìkéde bá sì ti dárúkọ íméèlì kan, íméèlì yẹn ni kó kọ́kọ́ lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè tẹ̀ lé e, kò lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn rikúrútà mìíràn sì wà tó máa ń ka ọ̀rọ̀ gígùn tìfẹ́tìfẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mọ méjì. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́, mi ò sì rí ẹni tó lè fojú pírófáìlì mọ̀ wọ́n.

Ní ti èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ méjì rẹ ti wà lójú rẹ̀. Má pa wọ́n rẹ́, má sì kọ ẹ̀kẹta láti tọrọ àforíjì fún wọn, nítorí ìyẹn náà kò ní ìbéèrè nínú. Jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn "Ẹ káàárọ̀ mà", kí o wá fi ti Sage yẹn ránṣẹ́. Bó bá kà á tí kò dáhùn, dákẹ́ sí i níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìkéde tí o so mọ́ ọn ní àdírẹ́sì íméèlì kan, bóyá o kò kíyè sí i. Má dúró de ìdáhùn rẹ̀ kí o tó kọ sí ibẹ̀. Òní ni kí o fi lẹ́tà rẹ ránṣẹ́ síbẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti gbé ọjọ́ 6 yẹn sókè. Ọjọ́ tí o bá fi ránṣẹ́ ni kí o fi dípò Mọ́ńdè nínú àtẹ̀jíṣẹ́ Sage yẹn.